Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá alágbàtà ìpín ìdókòwò yín ní àṣẹ, níbo sì ni ìpín tí ẹ rà wà gan-an?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri Nàìjíríà ṣí áàpù CBEX lórí fóònù wọn, wọ́n sì rí i pé owó wọn kò ṣeé gbà jáde mọ́. Ní ìlú Ibadan, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì kó ohun tí ọwọ́ wọn tó. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn ni pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí. Àwọn tó wà nídìí CBEX ní ìwé lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ST Technologies International tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ àjọ EFCC tó ń ṣọ́ bí àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣe ń náwó kí wọ́n má baà fi bo owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ìwé méjèèjì yìí hàn lè rò pé ìjọba ti fọwọ́ sí i.

Èyí tí wọn kò ní ni àṣẹ láti ọ̀dọ̀ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà. Òun nìkan ló sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ fi owó sílẹ̀ kó lè gba èrè.

Kí ni ìwé CAC ń sọ, kí ni kò sọ?

Ìwé CAC ń sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ kan wà lábẹ́ òfin, pé ó ní orúkọ, nọ́ńbà àti àwọn olùdarí. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè gbà á, ẹni tó ń ta mọ́tò náà lè gbà á. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni lára wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó aráàlú kó sì bá wọn ra ìpín ìdókòwò.

Òfin ọjà ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ló fún SEC ní agbára lórí àwọn alágbàtà, àwọn tó ń bójú tó owó ìdókòwò, àti àwọn tó ń ṣe káràkátà owó kírípítò pàápàá. Òfin kan náà dárúkọ ètò jìbìtì tó ń fi owó ẹni tuntun san èrè ẹni àtijọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ṣe ara ìjìyà ẹni tó bá dá a sílẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni CBEX wó.

Bí ẹ ṣe lè yẹ orúkọ wọn wò

Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì yìí sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ má tẹ líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí yín:

```
sec.gov.ng/cmos
```

Ibẹ̀ ni SEC to orúkọ gbogbo àwọn tó gbà láàyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọjà ìdókòwò sí. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà bí ó ṣe wà lórí ìwé wọn gan-an. Orúkọ áàpù tàbí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń polówó kì í sábà jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ojúlé wọn tàbí inú ìwé àdéhùn wọn, kí ẹ wo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹ tún ń wá.

Rírí orúkọ nìkan kò tó. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí SEC gbà wọ́n láàyè láti ṣe, nítorí àṣẹ náà pín sí oríṣiríṣi. Ẹni tí wọ́n kọ "Broker" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ló lè bá yín rà kó sì bá yín tà. Ẹni tí wọ́n kọ "Dealer" sí ń fi owó ara rẹ̀ ṣòwò ni. "Sub-Broker" ń mú oníbàárà wá fún alágbàtà ńlá ni, kì í fúnra rẹ̀ wọnú ọjà. "Fund/Portfolio Manager" ń bá àwọn èèyàn bójú tó àpapọ̀ owó ìdókòwò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní àṣẹ láti máa gba ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn nìkan, tó wá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí òun lè bá yín ra ìpín, àṣẹ tó ní kò kan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ Chaka jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, SEC lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọjà ìdókòwò, ó sì gba àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ náà dúró, pé ó ń ta ìpín ilé iṣẹ́ òkèèrè fáwọn ọmọ Nàìjíríà láì forúkọ sílẹ̀. Áàpù náà kì í ṣe ti jìbìtì, àwọn alágbàtà gidi ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò sí ìwé àṣẹ fún irú iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà. Nígbà tó di àárín ọdún 2021, SEC ṣètò irú àṣẹ tuntun fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alágbàtà kékeré lórí ayélujára, Chaka ló sì kọ́kọ́ gbà á. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò sí nínú ìwé SEC ni olè. Síbẹ̀, kí àṣẹ tó dé, ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá a dá sí i bí nǹkan bá yíwọ́.

Ohun kẹta tí ẹ óò wò ni bóyá àṣẹ náà ṣì múná. Ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń tún un ṣe, SEC sì lè dá ti ẹlòmíràn dúró. Fún alágbàtà tó ń ṣòwò nínú ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, tí a ń pè ní NGX, ẹ tún lè wo orúkọ rẹ̀ lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lórí ojúlé `ngxgroup.com`. Bí ọ̀kan bá ní ó wà, tí èkejì ní kò sí, ẹ dúró ná.

Orúkọ gidi lọ́wọ́ ayédèrú èèyàn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Onitsha rí ìkéde kan lórí Wátsáàpù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ní òun ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ alágbàtà kan, ó sì dárúkọ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́n, ó wá orúkọ náà lọ sí ojúlé SEC, ó sì bá a níbẹ̀, àṣẹ rẹ̀ sì múná. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, torí pé oníjìbìtì náà lè wá orúkọ gidi lórí ojúlé SEC, kó sì máa jẹ́ ẹ. Ohun tó kù fún obìnrin yìí láti mọ̀ ni bóyá ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ náà lóòótọ́.

Kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà tó wà nínú ìkéde yẹn. Nọ́ńbà tó bá rí nínú àkójọ SEC tàbí ti NGX ni kó pè. Kó tún wo àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fi kọ̀wé sí i. Ilé iṣẹ́ alágbàtà máa ń lo ímeèlì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn àmì @, kì í ṣe irú èyí tí gbogbo wa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó bá wá kan owó sísan, báńkì fúnra rẹ̀ yóò ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ní Nàìjíríà, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń jáde. Bí orúkọ tó jáde bá jẹ́ ti ẹnì kan, tàbí ti ilé iṣẹ́ míì tí kò jọ ti alágbàtà náà, kó má tẹ̀ síwájú. Àlàyé tí wọn yóò ṣe ni pé àkáǹtì akápò àwọn ni, tàbí pé ti ilé iṣẹ́ àwọn ní ìṣòro lónìí. Kò sí alágbàtà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó oníbàárà sínú àpò ara rẹ̀.

Ta ló ń tọ́jú ìpín náà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé alágbàtà ló ń tọ́jú ìpín tí wọ́n rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CSCS, òun ló ń tọ́jú ìpín gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí NGX sínú ìwé orí kọ̀ǹpútà. Ọdún 1997 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó tó dé, bébà ni ẹ̀rí ìpín, wọ́n á sì máa gbé bébà yẹn láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí káràkátà tó parí. Bí ẹ bá bá irú bébà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá yín, ó ṣì wúlò, àmọ́ alágbàtà ní láti bá yín gbé e wọ inú CSCS kó tó ṣeé tà.

Bí obìnrin oníṣòwò wa bá ti wá dé ọ̀dọ̀ alágbàtà tòótọ́, wọn yóò gba fọ́tò rẹ̀, BVN, NIN, ìwé tó ń fi ibi tó ń gbé hàn, àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alágbàtà yóò bá a ṣí àkáǹtì ní CSCS. Ohun méjì ló máa jáde níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà àkáǹtì tó so mọ́ alágbàtà yẹn. Ìkejì ni CHN, nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó máa ń fi lẹ́tà C bẹ̀rẹ̀. CHN kò yí padà bó bá tilẹ̀ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà mẹ́ta, bí BVN kan ṣe máa ń wà fún ẹni tó ní àkáǹtì báńkì mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìbéèrè kan sí èyí tó lágbára jù lọ tí ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ bá yín ra ìpín ilé iṣẹ́ Nàìjíríà: "CHN mi ńkọ́?" Àwọn oníjìbìtì lè ya àwòrán tó ń fi èrè gòkè hàn lórí áàpù wọn, wọ́n sì lè tẹ ìwé ẹ̀rí aláràbarà. Wọn kò lè fi orúkọ yín sínú ìwé CSCS. Ẹni tó bá fún yín ní CHN, ẹ mú nọ́ńbà náà lọ bá CSCS fúnra wọn ní `cscs.ng`, kí ẹ rí i bóyá wọ́n mọ̀ yín.

Nítorí pé CSCS ló ni ìwé náà, bí alágbàtà bá ti ilẹ̀kùn tàbí tó wọ gbèsè, ìpín yín kò bá a lọ. Ẹni tó jẹ ní gbèsè kò lè fi í san ohun tó jẹ wọ́n, torí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ óò lọ bá alágbàtà míì, ẹ óò kọ ìwé pé ẹ fẹ́ gbé ìpín yín kúrò lábẹ́ ti àkọ́kọ́, wọn yóò sì gbé e wá. Owó tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà láì tíì fi ra nǹkan kan ló wà nínú ewu jù. Ẹ má sọ àkáǹtì alágbàtà di kóló.

Láàárín ọjọ́ méjì

Ká ní obìnrin yìí ní kí wọ́n ra ìpín 1,000 fún òun ní ọjọ́ Ajé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦30. Ó ti san ₦30,000 àti owó iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Alágbàtà rà á lọ́jọ́ náà, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i tó ń sọ iye ìpín tó rà, iye tó rà á, ọjọ́, àti gbogbo owó iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tọ́jú ìwé yìí.

Síbẹ̀, bó bá wo àkáǹtì CSCS rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpín náà lè má tíì fara hàn. Kì í ṣe jìbìtì. Káràkátà ti wáyé, àmọ́ kò tíì parí. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n rà á ni káràkátà ń parí ní Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Èyí tó rà ní ọjọ́ Ajé yóò parí ní Ọjọ́rú. Bó bá rà á ní Ọjọ́bọ̀, ó di ọjọ́ Ajé, torí Sátidé àti Sọ́ńdè kò sí nínú ìṣirò, ọlidé náà kò sí.

Lọ́jọ́ yẹn, CSCS á gbé ìpín kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó tà á bọ́ sínú ti ẹni tó rà á, nígbà tí owó náà ń gba ọ̀dọ̀ àwọn báńkì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà. Méjèèjì so mọ́ra. Ètò yìí ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan gba ìpín kó sá lọ láì sanwó, tàbí kó gba owó láì fi ìpín sílẹ̀. Ìyẹn ni pé, bí Ọjọ́rú bá kọjá, tí ọjọ́ Ẹtì náà kọjá, tí CSCS kò sì rí ìpín 1,000 yẹn ní orúkọ rẹ̀, ó yẹ kó kọ̀wé sí alágbàtà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ń sọ fún un pé "ó máa tó wọlé" fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó má rà á rárá.

Bó bá fẹ́ tà, bákan náà ni ìṣirò ọjọ́ náà. Ó lè ní kí owó náà lọ tààrà sínú àkáǹtì báńkì rẹ̀ dípò kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ alágbàtà. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí kì í rà kó tà lójoojúmọ́ yan èyí.

Bí alágbàtà tó ní àṣẹ bá ta ìpín yín láì sọ fún yín ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ bò ó. Alágbàtà tí àkáǹtì yín wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fi ìpín yín sọ́jà. Aláìṣòótọ́ lè tà á, kó sì fi owó náà bo ihò ibòmíràn. Àwọn tó máa ń bọ́ sínú rẹ̀ ni àwọn tó ti rà á tipẹ́ tí wọn kì í wò ó mọ́, àwọn arúgbó, àti àwọn tó wà lókè òkun.

Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí CSCS ní fún yín ni ààbò yín. Nígbàkúùgbà tí nǹkan bá wọlé tàbí jáde nínú àkáǹtì yín, ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ yóò lọ. Bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà padà láti ọdún 2010, tàbí bí ẹni tó bá yín kọ fọ́ọ̀mù bá fi nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìkìlọ̀ náà ń lọ. Ẹ lọ tún un ṣe. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ iye ìpín tí ẹ ní, ọ̀dọ̀ CSCS ni kí ẹ ti gba ìwé náà, ẹ má gba èyí tí alágbàtà tẹ̀ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àpamọ́ ààbò wà lábẹ́ NGX fún ẹni tí alágbàtà bá jẹ gbà tàbí tó wọ gbèsè, àmọ́ iye tí wọ́n lè san fún ẹnì kan ní òdiwọ̀n. Kò sì kan ìpín tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ lọ́jà.

Ìpín ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà lórí áàpù

CHN kò sí nínú èyí, torí CSCS kọ́ ló ń tọ́jú wọn. Bí ẹ bá fi áàpù ra ìpín ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti Nàìjíríà, alágbàtà kan ní Amẹ́ríkà ló sábà máa ń rà á, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló sì máa wà lókè. Orúkọ yín wà nínú ìwé alágbàtà nìkan. Ohun tó bófin mu ni, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹ óò yẹ ilé iṣẹ́ méjì wò: áàpù náà lọ́dọ̀ SEC Nàìjíríà, àti alágbàtà Amẹ́ríkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí `brokercheck.finra.org`.

Bí alágbàtà Amẹ́ríkà náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SIPC, tó sì wó lulẹ̀, ààbò tó dé $500,000 wà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, èyí tí owó lásán kò lè ju $250,000 lọ nínú rẹ̀. Àwọn áàpù kan máa ń fi àmì SIPC polówó ara wọn. Alágbàtà òkèèrè ni ààbò náà wà fún. Bí áàpù tó wà ní Èkó bá gba náírà yín, tí kò sì fi í ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, SIPC kò mọ̀ yín rí.

Níbo ni ẹ lè fẹjọ́ sùn sí?

Ọ̀dọ̀ alágbàtà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ sì gba ẹ̀rí pé ó gbà á. Bí kò bá dáhùn tàbí bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sí NGX, lẹ́yìn náà SEC. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ohun tí SEC sọ, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọjà ìdókòwò ló kàn. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní àṣẹ rárá ló gba owó yín, NGX kò ní agbára lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ SEC àti EFCC ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ fún báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró.

Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ohun mẹ́ta ni wọn yóò béèrè: ẹ̀rí owó tí ẹ san láti báńkì, ìwé tí alágbàtà fún yín nígbà tó rà tàbí tó tà, àti ìwé CSCS tó ń fi gbogbo ohun tó wọlé àti èyí tó jáde hàn.